Ìrìn-àjò mélòó ni bíìmù yìí kù? Bí a ṣe ń ṣírò àárẹ̀ irin níbi tí wọ́n jó búrákẹ́ẹ̀tì mọ́

Ní Ògèrè Rẹ́mọ, níbi tí àwọn tírélà máa ń tò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, wẹ́dà àgbà kan wà tí mo máa ń dúró kí bí mo bá ń kọjá. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Ẹnjiníà, ẹ bọ́ agbádá yẹn sílẹ̀, ẹ wá wo abẹ́ tírélà yìí." Mo rá lọ síbẹ̀. Lábẹ́ bíìmù ńlá tó gbé gbogbo ẹrù, ẹnì kan ti jó búrákẹ́ẹ̀tì kan mọ́ irin náà láti fi gbé sípíà táyà. Ní ìparí ojú jíjó búrákẹ́ẹ̀tì yẹn, ìpẹtà pupa ń ṣàn jáde láti abẹ́ ọ̀dà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Bíìmù ti sán.

Ìbéèrè tí Bàbá bi mí dára: "Táyà kan ṣoṣo ni búrákẹ́ẹ̀tì yìí gbé. Táyà kan ló wá sán irin tó ń gbé òkúta?" Kì í ṣe táyà. Bí búrákẹ́ẹ̀tì náà kò tilẹ̀ gbé nǹkan kan, ibẹ̀ náà ni irin ì bá ti sán. Ohun tí mo fẹ́ ṣe níbí ni kí n fi bí a ṣe ń ṣírò rẹ̀ hàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lórí bíìmù yìí gan-an, kí ẹni tó bá ní irú rẹ̀ níwájú lè ṣe tirẹ̀.

Ohun tí a ń wọ̀n

Ẹ mú wáyà kan, ẹ fi agbára fà á: kò já. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn nígbà ogún, á já, bẹ́ẹ̀ agbára tí ẹ lò kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Àárẹ̀ irin nìyẹn. Ohun tó ń pa irin kì í ṣe bí ẹrù ṣe wúwo tó, bí kò ṣe bí ẹrù ṣe ń lọ tó ń bọ̀.

Màá máa lo ọ̀rọ̀ méjì. "Ìfà" ni agbára tó ń fa irin lórí mílímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan, a sì ń fi MPa wọ̀n ọ́n. (Kì í ṣe ìfà tí à ń jẹ o. Nínú èyí, irin ni wọ́n ń jẹ.) "Ìyàtọ̀ ìfà" ni àlàfo tó wà láàárín ibi tí ìfà ga dé àti ibi tó rẹlẹ̀ dé nínú ìyípo kan. Bí ìfà bá lọ láti 10 dé 90 tó sì padà sí 10, ìyípo kan nìyẹn, ìyàtọ̀ ìfà rẹ̀ sì jẹ́ 80 MPa.

Ìyàtọ̀ yìí nìkan ni a ń kà níbi tí wọ́n ti jó irin. A kì í béèrè bóyá ó bẹ̀rẹ̀ láti 10 tàbí láti 100. Ìdí ni pé nígbà tí ojú jíjó bá ń tutù, ó ń sún kì, ṣùgbọ́n irin tó yí i ká kò jẹ́ kó sún kì tó bó ṣe fẹ́. Ìfà tó wọ́ mọ́ inú rẹ̀ báyìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agbára irin náà fúnra rẹ̀, kí ẹrù kankan tó gorí tírélà rárá. Ibẹ̀ ti le tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹrù ń ṣe ni pé ó ń mì ín.

Ẹsẹ̀ ojú jíjó, níbi tí irin tó yọ́ ti pàdé irin tí kò yọ́, ni gbogbo rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Igun kan wà níbẹ̀ tó ń kó ìfà jọ, àwọn àbùkù kéékèèké tí ojú kò lè rí sì máa ń wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti jó o. Nítorí náà, ìsán kò ní láti wá ibi tó máa gbà wọlé. Ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀. Ìdí kan náà nìyí tí irin olówó gọbọi, tó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kì í fi í mú kí ojú jíjó pẹ́ sí i, bí a kò bá tún ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe.

Ìgbésẹ̀ kìíní: mọ ìpele ojú jíjó náà

August Wöhler, ará Jámánì tó ń ṣiṣẹ́ fún ọkọ̀ ojú irin, ló kọ́kọ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún dán ọ̀pá ìdí ọkọ̀ wò láàárín ọdún 1850 sí 1870, tó fi hàn pé bí ìfà bá ti ń kéré sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye ìyípo tí irin lè fara dà ń pọ̀ sí i. Ìlà tí a ń fà láti inú irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní ìlà S-N: S dúró fún ìyàtọ̀ ìfà, N dúró fún iye ìyípo tí irin máa rí kó tó sán.

Ojú jíjó kò rí bákan náà, nítorí náà ìlà kan kò tó. Nínú ìwé òfin Yúróòpù, EN 1993-1-9, wọ́n to irú ojú jíjó sí ìpele, wọ́n sì fún ìpele kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà ni ìyàtọ̀ ìfà tí irú ojú jíjó bẹ́ẹ̀ lè fara dà fún 2,000,000 ìyípo. Afárá àti ilé ni wọ́n kọ ìwé náà fún, mo mọ̀, ṣùgbọ́n irin kò mọ̀ bóyá orí afárá ni òun wà tàbí abẹ́ tírélà.

Ti wa ni pákó irin kan tó dúró lórí etí ìsàlẹ̀ bíìmù, tó nà gba ọ̀nà kan náà tí bíìmù nà sí, tí wọ́n jó ẹ̀gbẹ́ àti ìdí rẹ̀ yí ká. Fún irú èyí, gígùn pákó náà ló ń sọ ìpele. Bí kò bá ju 50 mm lọ, ìpele 80 ni. Láti 50 dé 80 mm, ó bọ́ sí 71. Láti 80 dé 100 mm, 63. Bó bá ti ju 100 mm lọ, ìpele 56. Bí pákó bá ṣe gùn tó ni yóò ṣe máa bá bíìmù pín ìfà tó, tí ìfà náà yóò sì kóra jọ sí ìdí rẹ̀. Mo wọn ti Bàbá: 120 mm. Ìpele 56 ni tiwa.

Ẹ má ṣe fi ojú wo ẹwà ojú jíjó níbí. Ojú jíjó tó mọ́ gan-an lórí pákó gígùn ṣì wà ní ìpele 56, bí ìdí rẹ̀ bá jẹ́ bí wọ́n ṣe jó o sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: wá ìfà tó ń gba ibẹ̀ kọjá

Ọ̀nà méjì ló wà. Ẹ lè ṣírò rẹ̀ láti inú ìwúwo ẹrù àti ìwọ̀n bíìmù, èyí yóò fún yín ní ìfà ìkẹ́rù, ṣùgbọ́n kò lè sọ ohun tí kòtò ọ̀nà ń ṣe. Ọ̀nà tó dájú ni kí ẹ lẹ gééjì mọ́ bíìmù, ìyẹn ìlẹ̀mọ́ kékeré tó ń sọ bí irin ṣe ń nà, kí ẹ sì so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìrìn-àjò. Bí irin bá nà ní ìdá 100 nínú mílíọ̀nù kan, ìfà rẹ̀ jẹ́ 21 MPa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe ni ibi tí wọ́n ń lẹ gééjì sí. Wọ́n á fẹ́ kó sún mọ́ ojú jíjó bó ti lè ṣeé ṣe tó, nítorí pé ibẹ̀ ló ń sán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àkójọ ìfà tó wà ní ìdí pákó ti wà nínú nọ́ńbà 56 tẹ́lẹ̀. Bí gééjì bá tún wà láàárín rẹ̀, ẹ ti ka nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì, ọjọ́ ayé bíìmù yóò sì kúrú lórí ìwé ju bó ṣe rí lọ. Mo máa ń sún gééjì sẹ́yìn kúrò ní ìdí ojú jíjó títí dé ibi tí ìfà ti padà sí bó ṣe yẹ kó rí lórí bíìmù lásán. Bí mi ò bá dájú, màá lẹ méjì ní ìwọ̀n ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ń sọ nǹkan kan náà, mo ti jìnnà tó.

Ẹ rí i pé ẹ̀rọ náà ń kọ ọ́ láti ìgbà tí tírélà ṣófo, tí wọ́n ń kẹ́rù, tó ń lọ, tí wọ́n ń tú ẹrù, títí tó fi ṣófo padà. Ìrìn kan kò tó. Ọ̀nà márosẹ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde dé oríta Ṣágámù kò rí bákan náà pẹ̀lú ọ̀nà eléruku tó wọ ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, ó sì yẹ kí àwọn méjèèjì wà nínú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà nínú iṣẹ́ ọkọ̀ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ka ìyípo

Ohun tí ẹ̀rọ máa fún yín jẹ́ ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀, tó ń gbọ̀n bí ọwọ́ ẹni tí ibà mú. Níbo ni ìyípo kan ti bẹ̀rẹ̀, níbo ló parí sí? Àwọn ará Japan méjì, Matsuishi àti Endo, ló dáhùn ìbéèrè yìí ní 1968. Wọ́n ní kí a dá ìlà náà dúró lórí, kí a sì fojú inú wo òjò tó ń ṣàn láti orí páànù kan bọ́ sórí òmíràn. Ìlànà kíkà náà wà nínú ASTM E1049, kọ̀ǹpútà sì lè kà á láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni ohun tó ń ṣe, kí ẹ lè mọ̀ bó bá ṣì í kà.

Ẹ wo tiwa. Nígbà tí tírélà ṣófo tó dúró, ìfà jẹ́ 10 MPa. Nígbà tí wọ́n kẹ́rù tán, ó di 90. Ẹni tó bá wo ìkẹ́rù nìkan yóò sọ pé ìyípo ńlá rẹ̀ jẹ́ 80. Ṣùgbọ́n nínú kòtò tó burú jù, pẹ̀lú ẹrù lórí, ìfà fò dé 125. Nígbà tó ń padà bọ̀ ní òfìfo, tó ń ta pọ́nún, ó sọ̀ kalẹ̀ dé òdo, ó tún kọjá rẹ̀ lọ sí −15. Irin kò gbàgbé èyíkéyìí nínú wọn. Ó rí 125, ó rí −15, láàárín ìrìn-àjò kan náà. Ìyípo ńlá náà jẹ́ 140, kì í ṣe 80. Ohun tí ìlànà òjò orí páànù wà fún nìyẹn: ó máa ń so ibi tó ga jù pọ̀ mọ́ ibi tó rẹlẹ̀ jù, bí wákàtí mẹ́ta tilẹ̀ wà láàárín wọn.

Lẹ́yìn kíkà, a máa pín àwọn ìyípo sí agbọ̀n gẹ́gẹ́ bí ìyàtọ̀ ìfà wọn ṣe tó. Kí ọwọ́ lè rọrùn, mo ti kó ti wa jọ sí agbọ̀n mẹ́rin fún ìrìn-àjò kan ní àlọ àti àbọ̀, mo sì ti fa àwọn iye náà sí èyí tó ṣeé ṣírò. Ìyípo 1 wà tí ó jẹ́ 140 MPa. Ìyípo 30 wà tí ó jẹ́ 80 MPa, èyí tó jẹ́ ti kòtò ńlá àti bọ́mpù. Ìyípo 400 jẹ́ 35 MPa, ti ọ̀nà tí kò dán. Ìyípo 6,000 jẹ́ 20 MPa, ìgbọ̀n lásán tí dírẹ́bà kì í tilẹ̀ mọ̀ pé ó ń ṣẹlẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lo ìlà náà

Ìlà S-N ti ìpele wa ní apá mẹ́ta. Apá òkè lọ tààrà, títí dé 5,000,000 ìyípo. Lẹ́yìn ìyẹn ó tẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ìfà tó kéré kì í tètè pa irin lára. Nígbà tó bá dé 100,000,000 ìyípo, ìlà náà dúró: ìyàtọ̀ ìfà tó bá wà nísàlẹ̀ ibẹ̀, wọ́n ní kí a má kà á rárá.

```
C = 56                    (ìpele)
D = 0.737 × C = 41.3 MPa  (ibi tí ìlà ti tẹ̀)
L = 0.405 × C = 22.7 MPa  (ibi tí kíkà dúró)

S > D :      N = 2 000 000 × (C / S)^3
L < S < D :  N = 5 000 000 × (D / S)^5
S < L :      a kò kà á
```

Ẹ kíyè sí ^3 yẹn: nọ́ńbà náà lọ́nà mẹ́ta ni, bíi 2 × 2 × 2. Bí ìyàtọ̀ ìfà bá di ìlọ́po méjì, ọjọ́ ayé kì í di ìdajì. Ó ń di ìdá kan nínú mẹ́jọ. Nínú apá kejì, ó tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìdá kan nínú 32. Gbogbo ohun tó máa yà yín lẹ́nu nísàlẹ̀, ibí ló ti wá.

Fún 140: 56 pín sí 140 jẹ́ 0.4, lọ́nà mẹ́ta ó di 0.064, N jẹ́ 128,000. Fún 80: 0.7 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 0.343, N jẹ́ 686,000. Fún 35, a ti kọjá sí apá kejì: 41.3 pín sí 35 jẹ́ 1.18, lọ́nà márùn-ún ó di 2.29, N jẹ́ bíi 11,440,000. Ti 20 kò dé 22.7, a fò ó.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ṣe àròpọ̀ ìbàjẹ́

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Palmgren ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1924 fún bọ́ọ̀rìn, Miner tún gbé e jáde ní 1945, èrò náà kò sì le. Bí irin bá lè fara da 128,000 ìyípo kan, ìyípo kan ṣoṣo nínú rẹ̀ ti jẹ ìdá kan nínú 128,000 ọjọ́ ayé rẹ̀. A ó pín iye tó ṣẹlẹ̀ sí iye tó lè fara dà fún agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Nígbà tí àròpọ̀ bá pé 1, ọjọ́ ayé irin ti pé lórí ìwé.

Fún ìrìn-àjò kan, mo kọ ìbàjẹ́ bí iye nínú mílíọ̀nù kan:

| Ìyàtọ̀ ìfà (MPa) | Iye ìyípo | N | Ìbàjẹ́ nínú mílíọ̀nù |
|---|---|---|---|
| 140 | 1 | 128,000 | 7.8 |
| 80 | 30 | 686,000 | 43.7 |
| 35 | 400 | 11,440,000 | 35.0 |
| 20 | 6,000 | a kò kà á | 0 |

Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 86.5. Ẹ pín mílíọ̀nù kan sí 86.5, ẹ ó rí bíi 11,560 ìrìn-àjò. Bí tírélà bá ń lọ lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ní 300 ọjọ́ lọ́dún, 600 ìrìn nìyẹn, ọdún 19.

Kí ẹ tó yọ̀, ẹ tún wo àtẹ náà. Ìyípo tó tóbi jù, èyí tí gbogbo ènìyàn máa ń bẹ̀rù, kò jẹ ju ìdá 9 nínú 100 ìbàjẹ́ náà lọ. Àwọn tó wà láàárín ló ń jẹ ẹ́. Èyí ni mo máa ń fi ń mọ̀ bóyá ìṣirò ẹnì kan dára: mo máa ń béèrè agbọ̀n wo ló jẹ jù. Bó bá jẹ́ pé agbọ̀n kan ṣoṣo ló jẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀, mo máa ń ní kó lọ tún ibẹ̀ wọ̀n dáadáa kó tó gbẹ́kẹ̀ lé àwọn yòókù.

Nígbà tí ẹrù bá pọ̀ jù

Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ ọdún 19 fún un. "Ta ní ń gbé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ara rẹ̀?" Òótọ́ ni. Ká ní àpọ̀jù ẹrù mú kí gbogbo ìyàtọ̀ ìfà náà ga ní ìdá 30 nínú 100. Ẹ sọ ohun tí ẹ rò pé ọdún 19 máa dà kí ẹ tó kà á lọ. Ọ̀pọ̀ máa ń sọ pé 14 tàbí 13.

140 di 182, N rẹ̀ ṣubú sí bíi 58,300, ìbàjẹ́ rẹ̀ di 17.2. 80 di 104, N di bíi 312,000, ìbàjẹ́ di 96.1. 35 di 45.5: ó ti gun òkè kọjá ibi tí ìlà ti tẹ̀, N rẹ̀ jẹ́ bíi 3,730,000, ìbàjẹ́ di 107.3. Ti 20 wá di 26. Ó ti kọjá 22.7! Agbọ̀n tí a fò lẹ́ẹ̀kan, a kò lè fò ó mọ́. N rẹ̀ jẹ́ bíi 50,600,000, ó sì dà bíi pé ìyẹn pọ̀, ṣùgbọ́n ìyípo 6,000 ló ní ní ìrìn-àjò kan. Ìbàjẹ́ rẹ̀ jẹ́ 118.7. Òun ló pọ̀ jù nínú gbogbo wọn.

Àròpọ̀ di 339. Ìrìn-àjò tó kù jẹ́ bíi 2,950. Kò pé ọdún márùn-ún.

Ìdá 30 lórí ẹrù kò dín ọdún kù ní ìdá 30. Ó pín in sí mẹ́rin. Ìgbọ̀n ọ̀nà tí kò jẹ́ nǹkan kan lánàá ti jí, ó ti di olórí ọ̀tá. Nítorí ìdí yìí, mi ò kì í gba ìṣirò tí agbọ̀n kékeré rẹ̀ kàn wà díẹ̀ nísàlẹ̀ ibi tí kíkà dúró gbọ́. Agbọ̀n "20" yẹn, tí àwọn ìyípo inú rẹ̀ bá wà láti 15 dé 25, apá kan nínú wọn ti kọjá 22.7 tẹ́lẹ̀. Bí agbọ̀n bá fẹ̀, ẹ lo etí òkè rẹ̀, tàbí kí ẹ pín in sí wẹ́wẹ́. Ibi tí kíkà dúró náà sì jẹ́ fún irin tí kò tíì sán. Ní kété tí ìsán bá ti gùn díẹ̀, ìgbọ̀n kéékèèké náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i lọ.

Ìfowọ́sọ́ra

Ìlà S-N inú ìwé kì í ṣe ìlà àárín. Wọ́n ti fà á wálẹ̀ kó lè jẹ́ pé nínú 100 irú ojú jíjó bẹ́ẹ̀, bíi 95 yóò kọjá rẹ̀ kí wọ́n tó sán. Síbẹ̀, níbi tí wíwó lè pa ènìyàn, ìwé náà ní kí a tún pín ìpele sí nọ́ńbà kan: 1.15 bí a bá ń yẹ ibẹ̀ wò déédéé, 1.35 bí kò bá sí ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá fi 1.15 sí ìṣirò wa àkọ́kọ́, tí kò sí àpọ̀jù ẹrù nínú rẹ̀, ọdún 19 di nǹkan tí kò tó 8. Nọ́ńbà tí mo máa kọ fún ẹni tó ni ọkọ̀ nìyẹn. Àròpọ̀ Miner pàápàá kì í ṣe òdodo tí kò ṣeé yí. Kò mọ èwo nínú ìyípo ló kọ́kọ́ dé, irin sì ti sán rí kí àròpọ̀ tó pé 1. Àwọn ẹnjiníà kan máa ń dúró sí 0.5.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé nǹkan kékeré tí wọ́n jó mọ́ irin kò lè wó ohun ńlá, kó rántí Alexander L. Kielland, ilé irin orí omi tó dojú dé ní Òkun Àríwá, ní ìhà Norway, ní 27 oṣù Kẹta 1980. Ènìyàn 212 ló wà lórí rẹ̀, 123 kú. Ojú jíjó kékeré tó di ìdìmú ẹ̀rọ ìgbọ́hùn abẹ́ omi mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá ńlá rẹ̀ ni ìsán ti bẹ̀rẹ̀. Ìdìmú yẹn kò gbé ẹrù kankan. Búrákẹ́ẹ̀tì táyà ni, ti orí òkun.

Kí ni kí a ṣe sí i?

Ohun tó yá wẹ́dà lára jù ni kó gbé ẹlẹ́kítíróòdù, kó jó bo ojú ìsán náà. Ìsán ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì ti ní ẹsẹ̀ ojú jíjó tuntun láfikún. Ẹ fi gíráńdà wa ìsán náà jáde pátá. Ẹ nu ibẹ̀ mọ́, ẹ fín oje pupa tó ń wọ inú ìsán sí i, ẹ jẹ́ kó wọlé, ẹ nù ún kúrò, ẹ fín àtíkè funfun lé e. Bí ìlà pupa bá tún yọ lórí funfun, ìsán ṣì kù, ẹ tún wà á. Ìgbà tí funfun bá mọ́ lóló ni kí ẹ tó jó o padà.

Búrákẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ gé e kúrú. Bí pákó 120 mm bá di 50 mm, ìpele 56 di 80. Mo tún un ṣírò pẹ̀lú àpọ̀jù ẹrù yẹn náà: àwọn 26 bọ́ sí ìsàlẹ̀ ibi tí kíkà dúró, tó ti di 32.4 báyìí, àròpọ̀ ìbàjẹ́ di 60.7 nínú mílíọ̀nù. Ìrìn-àjò di bíi 16,500. Láti nǹkan tí kò pé ọdún 5 sí ọdún 27, lórí kí a gé 70 mm irin kúrò. Láìsí àpọ̀jù ẹrù, ó kọjá ọdún 70, ṣùgbọ́n ìpẹtà á ti jẹ bíìmù náà tán kí àárẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èyí tó tún dára ju ìyẹn ni kí búrákẹ́ẹ̀tì má ṣe sí ní etí ìsàlẹ̀ bíìmù rárá. Bí a bá gbé e lọ sí àyà bíìmù, nítòsí ìdajì gíga rẹ̀, ìfà títẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Bí kò bá sì ṣeé gbé, ẹ fi gíráńdà tó ní orí kékeré yíyípo fá ẹsẹ̀ ojú jíjó ní ìdí rẹ̀ títí igun yóò fi di ọ̀fìn dídán, kí ẹ sì wọ inú irin díẹ̀, bí ìdajì mílímítà kọjá àbùkù tó bá hàn. Ìpa gíráńdà gbọ́dọ̀ lọ sí ọ̀nà kan náà tí ìfà ń lọ. Bí ó bá dábùú rẹ̀, ìpa náà fúnra rẹ̀ á di ilẹ̀kùn tuntun.

Bàbá gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wa ìsán náà, ó jó o, ó fá a. Dírẹ́bà mú ìwé tó ń kọ ìrìn-àjò rẹ̀ sí jáde, a kà á: ó lé díẹ̀ ní 3,600. Ìṣirò àpọ̀jù ẹrù ti sọ 2,950. Ìlà náà kì í sọ ọjọ́ tí irin máa sán. Ó ń sọ ìgbà tó yẹ kéèyàn ti máa wo abẹ́ ọkọ̀.

Ó ti fẹ́ kó irinṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí mo ní, "Bàbá, bíìmù méjì ló wà o. Apá kejì ńkọ́?" Búrákẹ́ẹ̀tì kejì wà níbẹ̀ lóòótọ́, 120 mm, tó gbé àpótí irinṣẹ́. Ìpẹtà kankan kò ṣàn, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán. A fá ọ̀dà náà, a fín oje pupa, a nù ún, a da funfun bò ó, a sì jókòó tì í fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìlà pupa kan yọ ní ìdí ojú jíjó, gígùn rẹ̀ kò ju 8 mm lọ. Bàbá tún gbé gíráńdà rẹ̀.